Kí Ẹ Tó Kọ Kóòdù, Ẹ Jẹ́ Kí Akápò Pinnu

Gbólóhùn kan péré ni ẹgbẹ́ náà kọ ránṣẹ́ sí wa: "Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń dá owó déédéé lè yá ìlọ́po méjì owó rẹ̀, kí ó sì rí owó náà gbà kíákíá." Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ kan ní Ìbàdàn ni. Wọ́n fẹ́ áàpù tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa fi tọrọ owó yíyá lórí fóònù, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń gbé kiri láti ilé ìwé kan dé òmíràn fún ìbuwọ́lù. Gbogbo ẹni tó ka gbólóhùn náà ló sọ pé ó yé òun. Ó yé akápò, ó yé akọ̀wé, ó sì yé àwọn ọ̀dọ́ tí yóò kọ kóòdù rẹ̀. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló máa ń kó mi láyà sókè jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá yé yóò béèrè. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá yé kálukú, tó sì yé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ta ni yóò béèrè?

Iṣẹ́ tèmi ni láti sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ di òṣùwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù kan. Òṣùwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè gbé síwájú iṣẹ́ tó ti parí, kí ó dán an wò, kí ó sì lè wí pé ó yege tàbí kò yege, láìsí pé ó tún ń bẹ ẹnikẹ́ni fún àlàyé. Bí ẹni méjì bá dán ohun kan náà wò lórí òṣùwọ̀n kan náà, tí ọ̀kan ní ó yege, tí èkejì ní kò yege, òṣùwọ̀n náà kò tíì pé. Èmi kì í wá ọ̀rọ̀ tó dùn létí nígbà tí mo bá ń kọ ọ́. Ìpinnu tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe, tó fara pamọ́ sínú gbólóhùn náà, ni mo ń wá. Ìpinnu yẹn kò ní sá lọ. Bí akápò kò bá ṣe é lónìí, ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù ni yóò ṣe é lóru ọjọ́ kan, kò sì ní mọ̀ pé ìpinnu ni òun ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti "ìlọ́po méjì owó rẹ̀", nítorí owó ni, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Nígbà tí èmi àti àwọn ìgbìmọ̀ jókòó, n kò béèrè ohun tí gbólóhùn náà túmọ̀ sí. Bí ẹ bá bi ènìyàn pé kí ni òfin wí, òfin náà ni yóò tún kà sí yín létí. Àpẹẹrẹ ni mo gbé kalẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan tó ń dá ẹgbàá méje ààbọ̀ náírà lóṣù, 15,000 yẹn, tó ti dá a fún oṣù 12. Owó rẹ̀ di 180,000. Ó ti yá owó tẹ́lẹ̀, gbèsè rẹ̀ sì ku 70,000. Ó wá tọrọ owó lónìí. Èló ló lè rí gbà?"

Akápò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé 290,000 ni: ìlọ́po méjì 180,000 jẹ́ 360,000, ẹ yọ 70,000 tó jẹ kúrò níbẹ̀. Akọ̀wé yíjú sí i. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹni tó bá jẹ gbèsè kì í tún yá òmíràn títí yóò fi san tán." Alága, tó ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wá sọ pé òun ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù àwọn tí wọ́n fún ní ìlọ́po méjì láìyọ nǹkan kan, bí gbèsè àkọ́kọ́ bá ti kù díẹ̀. Ẹni mẹ́ta, ẹgbẹ́ kan náà, ìwé òfin kan náà, ìdáhùn mẹ́ta: 290,000, òdo, àti 360,000. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Fọ́ọ̀mù kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀ náà láti ọdún pípẹ́, ẹni tó bá sì wà ní ìjókòó lọ́jọ́ náà ni òfin.

Àwọn tí yóò kọ kóòdù kò sí nínú ìjókòó yẹn láti ọdún pípẹ́. Bí a bá fún wọn ní gbólóhùn náà bó ṣe wà, wọn yóò mú iye ìfipamọ́, wọn yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó parí. Áàpù náà yóò sì máa fún àwọn onígbèsè ní 360,000, nígbà tí akápò rò pé 290,000 ni òpin. Yóò tó ìgbà tí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò ìwé owó kí ẹnikẹ́ni tó rí i, owó ti jáde nígbà náà.

Àríyànjiyàn náà gùn, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà á tán. Kò yẹ kí ẹni tó ń kọ òṣùwọ̀n yára pẹ̀tù sí irú ìjà bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò sórí ti akápò: a ó yọ gbèsè tó kù kúrò nínú ìlọ́po méjì. Mo wá fi ọ̀rọ̀ kan kún àpẹẹrẹ náà. Olùkọ́ yìí kan náà ti ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn, ẹgbẹ́ sì ti de 50,000 mọ́lẹ̀ nínú ìfipamọ́ rẹ̀ nítorí ìdúró náà. Ṣé kí a tó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ni a ó yọ ọ́, tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Bí a bá yọ ọ́ ṣáájú, 130,000 ló kù, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 260,000, yọ gbèsè 70,000, ó ku 190,000. Bí a bá yọ ọ́ lẹ́yìn, 360,000 yọ 50,000 yọ 70,000, ó ku 240,000. Ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ tó lè tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà. Ìgbìmọ̀ mú ti àkọ́kọ́, nítorí owó tí wọ́n ti dè kò yẹ kó tún bí ọmọ.

Nígbà tí ìpinnu ti wà nílẹ̀, kíkọ rẹ̀ kò nira mọ́. Mo máa ń lo ọ̀nà tí Dan North ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní 2006: bí nǹkan ṣe wà ṣáájú, ohun tí ènìyàn ṣe, àti ohun tó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Cucumber lè ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì `.feature`, kí ó sì fi dán iṣẹ́ wò fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà wà bí ètò náà ṣe ń kà wọ́n, ṣùgbọ́n ìyókù lè jẹ́ Yorùbá tí akápò yóò kà, tí yóò sì fọwọ́ sí:

```
Scenario: Onígbèsè tọrọ ju òpin rẹ̀ lọ
  Given ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 180000 náírà
  And gbèsè rẹ̀ tó kù jẹ́ 70000 náírà
  And kò ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni
  When ó tọrọ 290001 náírà
  Then áàpù kọ ìbéèrè náà
  And ó fi hàn án pé 290000 náírà ni òpin
```

Ẹ wo náírà kan ṣoṣo tó lé yẹn dáadáa. Ẹni tó bá fi 500,000 dán an wò yóò rí i pé áàpù kọ̀, yóò sì rò pé òfin náà ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹnu ààlà ni àṣìṣe kóòdù máa ń sá sí. Ẹni tó kọ "kéré sí" níbi tó yẹ kó kọ "kéré sí tàbí dọ́gba pẹ̀lú" yóò kọ 290,000 gan-an fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ sí i, kò sì sí ìdánwò tó jìnnà sí ààlà tó lè tú u fó. Nítorí náà, òṣùwọ̀n méjì ni mo kọ fún òfin yìí: 290,000 gbà, 290,001 kọ̀. Mo tún béèrè pé àwọn ọ̀rọ̀ wo ni ẹni tí wọ́n kọ̀ fún yóò rí lójú fóònù. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, "Ìbéèrè yín kò yege" nìkan ni yóò rí, yóò sì pe akápò lórí fóònù lálẹ́.

"Déédéé" ló mú wa pẹ́ jù. Ìwé òfin ẹgbẹ́ ní oṣù mẹ́fà léraléra. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀, nítorí oṣù mẹ́fà ṣeé kà. Mo tún gbé àpẹẹrẹ kalẹ̀. Inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ owó ìfipamọ́ àwọn olùkọ́ yìí. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí owó oṣù kò bá tètè jáde, tí ti oṣù kìíní àti ìkejì wá bá ti oṣù kẹta dé lẹ́ẹ̀kan náà? Nínú àkọsílẹ̀ báńkì, oṣù méjì ṣófo, owó mẹ́ta sì wọlé ní ọjọ́ kan. Áàpù tó bá ń wo ọjọ́ tí owó wọlé yóò sọ pé olùkọ́ náà kò dá owó léraléra, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò sì padà sí òdo.

Akápò fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa o. Ẹni tí wọn ò san owó oṣù fún, kí ló fẹ́ dá? Oṣù tí wọ́n yọ owó náà fún la máa ń kà, a kì í ka ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa."

Gbólóhùn tó ti ẹnu akápò jáde yẹn ló níye lórí jù nínú gbogbo ìjókòó náà, nítorí ó yí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ padà. Ó fi hàn pé déètì méjì ni owó kọ̀ọ̀kan ní: oṣù tí wọ́n san án fún, àti ọjọ́ tó wọlé. Ẹni tó ń ṣètò àká dátà kò ní ìdí kankan láti fi àyè méjì sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un. Àyè kan ni yóò ṣe, ọjọ́ tí owó wọlé ni yóò sì tọ́jú síbẹ̀, nítorí òun ni báńkì ń fún un. Bí wọ́n bá ti lo áàpù náà fún ọdún kan kí wọ́n tó mọ̀, kì í ṣe kóòdù nìkan ni wọn yóò tún kọ. Ẹnì kan ní láti jókòó ti ìwé owó oṣù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí ó máa fi ojú wá oṣù tí owó kọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, nítorí ohun tí a kò kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀rọ láti yọ jáde. Ìṣirò ìlọ́po méjì ṣeé tún ṣe láàárín ọ̀sán kan. Déètì tí a kò tọ́jú kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àkókò tí ẹ ní bá kéré, ibi tí irú nǹkan báyìí wà ni kí ẹ ná an sí: ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rántí.

Mo tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹni tó fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má yọ owó òun ní oṣù kan, tó wá san ìlọ́po méjì lóṣù kejì ńkọ́? Akápò ní kò burú, akọ̀wé ní ó burú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ àwọn méjèèjì gbà pé kì í ṣe ohun tí àwọn lè pinnu láìsí ìgbìmọ̀ ńlá. Káàdì pupa ni mo kọ ìyẹn sí. Ọ̀nà tí Matt Wynne gbé kalẹ̀ ní 2015 ni mo máa ń tẹ̀lé nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀: káàdì yẹ́lò fún ohun tí oníbàárà ń fẹ́, búlúù fún òfin kọ̀ọ̀kan, gíríìnì fún àpẹẹrẹ tó wà lábẹ́ òfin náà, pupa fún ìbéèrè tí kò sí ẹni tó lè dáhùn níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 tó fún ohun kan tó mọ níwọ̀n. Pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tí àwọn àgbàlagbà pọ̀ níbẹ̀, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí a kánjú já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ṣùgbọ́n káàdì orí tábìlì máa ń sòótọ́. Bí pupa bá pọ̀ ju gíríìnì lọ, kò tíì tó àkókò láti kọ kóòdù. Bí búlúù bá pọ̀ jù lábẹ́ yẹ́lò kan, iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ so pọ̀ mọ́ra, ó yẹ kí ẹ pín in.

Káàdì pupa wa lọ sí ìgbìmọ̀ ńlá. Títí ìdáhùn fi dé, àwọn tó ń kọ kóòdù ń ṣe ibi tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti máa wo iye owó rẹ̀, èyí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú oṣù léraléra. Ìdáhùn tó padà dé ni pé ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìfipamọ́ dúró yóò bẹ̀rẹ̀ kíkà láti oṣù kìíní. Ìyẹn tún fi ohun mìíràn kún dátà: ìdí tí oṣù kan fi ṣófo. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ bóyá ìjọba ni kò san owó tàbí ọmọ ẹgbẹ́ ló kọ lẹ́tà, àyàfi bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. A fi òṣùwọ̀n kan kún un pé akápò gbọ́dọ̀ lè yan ìdí fún oṣù tó ṣófo, àti pé bí kò bá tíì yan ohunkóhun, áàpù kò gbọdọ̀ gbà, kò sì gbọdọ̀ kọ̀. Ó gbọ́dọ̀ dá ìbéèrè náà dúró dè é.

Ó ku "kíákíá". Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yára fi nọ́ńbà dí irú àlàfo yìí: "kí owó dé láàárín wákàtí kan". Nọ́ńbà nìkan kò sọ ọ̀rọ̀ di ohun tó ṣeé dán wò. Wákàtí kan láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí ọmọ ẹgbẹ́ tẹ bọ́tìnnì? Onídùúró méjì gbọ́dọ̀ gbà, ọ̀kan nínú wọn sì lè wà nínú kíláàsì, kó ti pa fóònù rẹ̀. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Báńkì gbọ́dọ̀ gbé owó náà kọjá. Bí a bá dá ẹni tó kọ áàpù lẹ́bi nítorí fóònù onídùúró tó kú, a ti kọ òṣùwọ̀n tí kò sí ẹni tó lè mú ṣẹ.

A gé àkókò náà sí ọ̀nà mẹ́ta, a sì mú èyí tó jẹ́ ti áàpù nìkan. Kí ọmọ ẹgbẹ́ rí i láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5 bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó tàbí kò lẹ́tọ̀ọ́, nínú ìbéèrè 95 lára 100, nígbà tí ènìyàn 200 bá ń lò ó pọ̀. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ sí onídùúró kúrò lọ́dọ̀ wa láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí àṣẹ ìsanwó dé báńkì láàárín ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn ìbuwọ́lù ìkẹyìn. Ohun tí a fi sílẹ̀ fún ènìyàn kò gba òṣùwọ̀n iyára, ṣùgbọ́n ó gba òmíràn: bí onídùúró kò bá dáhùn fún wákàtí 48, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ láìtún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni "kíákíá" tí akọ̀wé ń béèrè fún. Ohun tó ń dùn án ni fọ́ọ̀mù tó ń sùn sí ilé ìwé kan fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Òfin iyára tún bí ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó rò ó. Báńkì lè gba àṣẹ wa, kí nẹ́tíwọ̀kì sì já kí ìdáhùn tó padà dé. Owó ti lọ ni, àbí kò lọ? Áàpù tí a ní kó yára yóò tún fi ránṣẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì gba 290,000 lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà òṣùwọ̀n kan wà tó ju gbogbo ti iyára lọ: bí ìdáhùn kò bá dé, áàpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi báńkì léèrè ipò ìsanwó àkọ́kọ́ nípa nọ́ńbà rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi òmíràn ránṣẹ́ títí báńkì yóò fi sọ pé àkọ́kọ́ kùnà. Ẹni tó ń dán iṣẹ́ wò lè gé nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀ gan-an, kí ó sì ka iye ìgbà tí owó jáde. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, kò yege.

Ibi kan wà tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ yìí bá wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú òṣùwọ̀n pé kí bọ́tìnnì jẹ́ àwọ̀ ewé, kí ó wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó ṣeé dán wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìpinnu akápò kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń di ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ojú fóònù. Bí ẹgbẹ́ bá ní kí áàpù "rọrùn", a ó fún ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún tí wọn kò rí i rí ní áàpù náà, lórí fóònù tiwọn, kí wọ́n wo iye tí wọ́n lè yá láìbi ẹnikẹ́ni. Bí mẹ́rin bá rí i láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó yege. Ibi tí bọ́tìnnì yóò wà di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣe é.

Kí a tó kó àwọn òṣùwọ̀n náà lé àwọn tó ń kọ kóòdù lọ́wọ́, mo fún olùkọ́ kan tí kò sí nínú ìjókòó wa kankan ní bébà náà, pẹ̀lú ìtàn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin, mo ní kí ó sọ ẹni tí yóò rí owó gbà àti iye rẹ̀. Ẹlòmíràn ṣe bákan náà nínú yàrá mìíràn. Níbi tí ìdáhùn wọn ti yàtọ̀, ìwé náà ló kù díẹ̀ káàtó. Irú ibẹ̀ kan ni oṣù tí ènìyàn wọ ẹgbẹ́: ẹnì kan kà á mọ́ oṣù mẹ́fà, ẹnì kejì kò kà á. A padà sọ́dọ̀ akápò lọ́jọ́ náà, ó dáhùn ní gbólóhùn kan, a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akápò àti akọ̀wé tí ẹgbẹ́ yín ń gbèrò láti ṣe áàpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ mú ìwé òfin nìkan wá sí ìjókòó àkọ́kọ́. Ẹ wá fáìlì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ owó wọn dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín rí, ẹ bo orúkọ wọn, kí ẹ sì kó o dání. Bí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà fún yín kò bá fẹ́ wo àwọn fáìlì yẹn kó tó dárúkọ iye owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.